Ohun ìjà tó ń dá yan ẹni tó máa pa: kí ni wọ́n ń pè ní àkóso èèyàn gan-an?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ará abúlé Tudun Biri ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kàdúná, péjọ láti ṣe Máólúdì, ìyẹn àjọ̀dún ìbí Ànábì Muhammad. Dróònù àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà wà lókè, ó sì ju bọ́ǹbù sáàárín wọn. Àwọn ará abúlé sọ pé nígbà tí àwọn èèyàn sáré wá gbé àwọn tó farapa, bọ́ǹbù kejì tún já lu àwọn náà. Àjọ NEMA, tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ní òkú 85 ni wọ́n sin. Obìnrin àti ọmọdé wà lára wọn.

Iléeṣẹ́ ológun ò sẹ́. Wọ́n ní àwọn rí èèyàn tó kóra jọ, àwọn sì ṣi ìrìnsí wọn túmọ̀, àwọn rò pé agbébọn ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀ pé dróònù yẹn kì í ṣe adáṣiṣẹ́ o. Èèyàn ló ń darí rẹ̀, èèyàn ló ń wo àwòrán tó ń fi ránṣẹ́, èèyàn ló sì pàṣẹ pé kí wọ́n ju bọ́ǹbù. Síbẹ̀, ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí tó bá fẹ́ lóye àríyànjiyàn tó ń lọ lọ́wọ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ohun ìjà adáṣiṣẹ́.

Ohun ìjà adáṣiṣẹ́ ni èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti tàn án, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá ẹni tàbí ohun tó máa kọlù, òun náà ló sì máa yìnbọn. Ẹni tó tàn án lè má mọ ẹni tó máa pa, kò sì mọ wákàtí tó máa pa á. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, irú èyí tí Boko Haram ń rì sójú ọ̀nà ní Borno, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tó rì í ti lọ, ẹsẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń pinnu ìyókù. Sójà tó tẹ̀ ẹ́ àti màmá tó ń lọ sóko, bákan náà ni lójú rẹ̀. Ìdí pàtàkì tí ayé fi ṣe àdéhùn láti fòfin de bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ èèyàn ń tẹ̀ nìyẹn, Nàìjíríà sì wọ àdéhùn náà lọ́dún 2001.

Ti ìsinsìnyí ní kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìṣòro náà ò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ìtẹ̀lé, tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ní Ọ̀tà tàbí Sáńgò, lè ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi iná sẹ́ńsọ̀ dí níwájú. Bí ọwọ́ bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ á dúró. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò mọ̀ pé ọwọ́ ni, kò mọ ọwọ́ ta ni, ohun tó mọ̀ kò ju pé nǹkan gé iná òun lọ. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn, nítorí tó bá ṣàṣìṣe, iṣẹ́ á kàn dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ti ohun ìjà yàtọ̀ sí èyí. Bó bá ṣàṣìṣe, yóò yìnbọn.

Ní báyìí, ká padà sí Tudun Biri. Kámẹ́rà tó wà lókè lóru lè fi han èèyàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lójú kan. Kò lè fi hàn pé wọ́n ń ṣàjọ̀dún. Ọ̀nà téèyàn lè gbà mọ ìyẹn ni pé kó pe baálẹ̀, tàbí kó bi ẹni tó mọ àgbègbè náà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ pé “bí èèyàn bá pọ̀ tó báyìí lóru, níbi tí agbébọn ń gbà, agbébọn ni wọ́n” máa ṣe irú àṣìṣe yẹn gan-an, kíákíá sì ni, níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó máa dá a dúró kó bi í pé, “Lónìí ńkọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lábúlé yẹn?”

Bọ́ǹbù kejì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Òfin ogun sọ pé ẹni tó fẹ́ kọlu ibì kan gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe láti rí i dájú pé ọ̀tá ló wà níbẹ̀, kó sì dáwọ́ dúró bó bá ti hàn pé ará ìlú ni. Ó wà nínú ìwé àfikún àdéhùn Geneva ti ọdún 1977, abala 57. Ogun láàárín orílẹ̀-èdè méjì ni ìwé yẹn dìídì sọ̀rọ̀ lé, àmọ́ Àjọ Rẹ́ẹ̀dì Kírọ́ọ̀sì Àgbáyé ní ìlànà yìí ti di àṣà tó de gbogbo ẹni tó ń jagun, kódà nínú ilé. Ẹni tó ń sáré wá gbé ẹni tó farapa kì í ṣe ọ̀tá. Èèyàn tó ń wò lè rí i, kó sì yí ọkàn padà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń béèrè fún òfin tuntun ò fi gbà pé ó tó kí èèyàn kàn tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹni náà mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kọlù, kó ní àkókò láti ronú, kó sì lágbára láti dá a dúró lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún un pé “ọ̀tá nìyí, gbà?” ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, tó kàn ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, kò ṣàkóso kankan. Òǹtẹ̀ lásán ni.

Ẹ̀wẹ̀, ta la máa mú? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, olú iléeṣẹ́ ààbò kéde pé àwọn ọmọ ogun méjì máa jẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ ológun lórí ọ̀rọ̀ Tudun Biri. Ẹni tó bá fẹ́ lè ní kò tó, ṣùgbọ́n ó kéré tán, a rí ẹni tí wọ́n lè pè. Bó bá jẹ́ ohun ìjà ló dá pinnu, ọ̀gá ológun á ní òun ò mọ̀ pé bó ṣe máa ṣe nìyẹn, ẹni tó ṣe é á ní àwọn ológun ni wọ́n lò ó sódì. A ò lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ irin.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Àjọ Rẹ́ẹ̀dì Kírọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fòfin de méjì nínú àwọn ohun ìjà yìí pátápátá: èyí tí ẹni tó ń lò ó ò lè mọ ohun tó máa ṣe, àti èyí tí wọ́n dìídì ṣe láti máa dá kọlu èèyàn. Àwọn yòókù, kí wọ́n fi gbèdéke sí ibi tí wọ́n ti lè lò wọ́n, bó ṣe máa pẹ́ tó, àti ohun tí wọ́n lè kọlù. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS pàdé ní Freetown, ní Sierra Leone, lóṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ òfin tó ní agbára láti deni. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó ku ọjọ́ kan kí Tudun Biri pé ọdún kan, wọ́n dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí ìjíròrò náà tẹ̀síwájú ní New York. Orílẹ̀-èdè 166 gbà, mẹ́ta kọ̀, Rọ́ṣíà sì wà lára àwọn tó kọ̀, wọ́n ní òfin ogun tó wà nílẹ̀ ti tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Geneva, níbi tí wọ́n ti fún ìjíròrò náà ní gbèdéke títí di 2026, ni bí wọ́n ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ “àkóso” yẹn sínú ìwé. Àwọn kan fẹ́ kó hàn gbangba pé èèyàn gbọ́dọ̀ lè dá ohun ìjà náà dúró. Àwọn tó ti ń ṣe é ní tiwọn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fẹjú díẹ̀, kí àwọn lè rí ibi gbà.