Ìpín Èédú Dínkù, Èédú Fúnra Rẹ̀ Pọ̀ Sí I

Ní ọdún 2010, iná mànàmáná tí wọ́n pèsè ní Ṣáínà tó nǹkan bíi 4,200 bílíọ̀nù yúnììtì, irú yúnììtì tí à ń rà sínú mítà ilé wa. Èédú ló mú bíi 3,200 wá nínú rẹ̀. Nígbà tó fi di 2023, gbogbo iná náà ti tó bíi 9,500 bílíọ̀nù, ti èédú sì ti di bíi 5,700. Ẹni tó bá fẹ́ ya èyí ní àwòrán ọ̀pá, kí ọdún kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀, kí èédú, omi àti àwọn yòókù sì wà léra wọn lórí ọ̀pá náà, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀.

Nínú ọ̀nà kìíní, bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀pá máa ń ga tó. Ọ̀pá 2023 á ga ju ìlọ́po méjì ti 2010 lọ, gbogbo ojú ló sì máa rí i pé èédú tó wà nísàlẹ̀ ti ga sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ìdá mélòó nínú iná ni èédú kó, ojú kò lè ṣe ìṣirò yẹn lórí ọ̀pá tí gíga wọn kò dọ́gba.

Ọ̀nà kejì ló ń dáhùn ìyẹn. A ó fi àpapọ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan pín ohun tó wà nínú rẹ̀, a ó sì sọ ọ́ di ìpín nínú ọgọ́rùn-ún, kí gbogbo ọ̀pá lè ga bákan náà. Nínú ètò Excel, `100% Stacked Column` ni orúkọ rẹ̀. Èédú á wá jábọ́ láti 76 sí 60.

Ibí gan-an ni ewu wà. Ẹni tó bá rí àwòrán kejì nìkan á rò pé wọ́n ti ń dín èédú kù, bẹ́ẹ̀ iná tí èédú mú wá ti fi 2,500 bílíọ̀nù yúnììtì lé sí i. Iye èédú tí a sun ni èéfín ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ìpín rẹ̀. Nítorí náà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ àwòrán onípìn-ín jáde láìkọ àpapọ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan sókè orí ọ̀pá rẹ̀.

Àwòrán kejì yìí náà kò rọrùn kà látòkè délẹ̀. Èédú tó wà nísàlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kan náà lọ́dọọdún. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn sókè pátápátá, àwọn náà á máa rọ̀ láti orí ìlà 100, a ó sì rí i kedere pé wọ́n kúrò ní bíi 1, wọ́n lé ní 15. Àárín ni wàhálà wà. Iná omi bẹ̀rẹ̀ láti 76 lọ́dún 2010, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti 60 lọ́dún 2023. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ yẹn ni ojú kọ́kọ́ rí, kì í ṣe pé ìpín rẹ̀ ti bọ́ láti 17 sí 13. Bó bá jẹ́ iná omi ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀pá sílẹ̀, ká fa ìlà kan ṣoṣo fún un láti ọdún dé ọdún.