Fọ́tò Màmá fún ìwé ètò ìsìnkú: ẹ má jẹ́ kí wọ́n nu pélé kúrò

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ohùn sọ lánàá ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ.

Ọ̀kan nínú wa fẹ́ sin ìyá rẹ̀. Màmá pé ọdún 81, pélé sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Fọ́tò kan ṣoṣo tó dáa tí wọ́n rí ti pẹ́, ó ti ṣẹ́ ní igun, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá. Ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé náà ní Díóbù gbé e sínú áàpù tó ń dán ojú. Nígbà tó gbé e jáde, Màmá ti pupa bí òyìnbó, pélé ti pòórá. Àwọn ẹ̀gbọ́n ní Òṣogbo rí i, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Ohun tó fà á ni pé gbogbo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá wà lára ni áàpù yẹn ń kà sí ìhunjọ, á sì nù ún. Kò mọ̀ pé ilà ìdílé ni.

Bí a ṣe tún un ṣe nìyí. A yọ fọ́tò náà kúrò nínú gíláàsì, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ nítòsí fèrèsé, a sì fi fóònù yà á láti òkè gan-an, láìtan iná fóònù. Nínú Snapseed, Healing la fi tún ibi tó ṣẹ́ ṣe, níbi aṣọ àti ẹ̀yìn nìkan. A ò fọwọ́ kan ojú rárá. Lẹ́yìn náà, ní Tune Image, a dín Saturation kù díẹ̀, a gbé Warmth sókè díẹ̀, ó wá rí bí àwọ̀ kọfí fẹ́ẹ́rẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ẹ̀yìn àwòrán. Màmá dúdú, tí ẹ bá fi àwọ̀ wáìnì tàbí búráùn tó ki sẹ́yìn rẹ̀, gèlè àti irun á wọnú ẹ̀yìn lọ. Àwọ̀ kírímù la lò. Àwọ̀ aṣọ ẹbí, ìyẹn wáìnì, etí ìwé la fi sí. Góòlù díẹ̀ wà níbi orúkọ, nítorí òkú àgbà ni, ó rí ọmọ-ọmọ. Tó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, dúdú àti funfun ti tó, ẹ má fi góòlù sí i. (Àdàbà àti ìkùukùu tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.)

Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé lórí Wásáàpù, Document ni kí ẹ yàn. Tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, Wásáàpù á fún un kéré, ojú á sì di bàìbàì lórí ìwé. Kí wọ́n tó tẹ igba, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan lórí bébà tí wọ́n máa lò gan-an, nítorí ibi tó ṣú lójú fóònù máa ń ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bébà. Tiwa ṣú lábẹ́ àgbọ̀n, a padà gbé Shadows sókè. Ẹyọ kejì la fi han àwọn ẹ̀gbọ́n.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ má pè mí láàárọ̀, mo wà lọ́jà.