Ilé Ta Ni Màmá Fẹ́ Pín?

Kí opó tó kọ ìwé ìhágún, ìyẹn wíìlì, ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó mú báírò rárá: ta ló ni ilé tó fẹ́ pín? Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti gbé inú ilé tí ọkọ wọn kọ́ fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n pààrọ̀ páànù rẹ̀, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, tí wọ́n sì gbà pé tiwọn ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá kú láìkọ wíìlì, tó sì jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe, àwọn ọmọ olóògbé lápapọ̀ ni àṣà Yorùbá fi ilé náà sí lọ́wọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, títí kan àwọn tí ìyàwó mìíràn bí. Ìyàwó kì í jogún ọkọ nínú àṣà wa. Ilé-ẹjọ́ fìdí èyí múlẹ̀ ní 1957 nínú ẹjọ́ Súbérù àti Sùmọ́nù. Opó lè máa gbé ibẹ̀, àmọ́ kò lè fi ilé náà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bó bá kọ ọ́ sínú wíìlì, àwọn ọmọ orogún rẹ̀ yóò gbé e lọ sí kóòtù, ẹjọ́ wọn yóò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ṣe, òfin ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún ìyàwó. Ìpín yẹn ló lè kọ sínú wíìlì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Ìyá Bísí, oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn ikú ọkọ ló ra ilẹ̀, ó kọ́ ilé onífúláàtì méjì sí i: òun ń gbé ọ̀kan, ayálégbé wà ní èkejì. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì ilẹ̀ àti lórí ìwé tí lọ́yà ṣe. Ó ní owó ní báǹkì, ó tún ní díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà. Ọmọ mẹ́ta ló bí: Bísí tó ti wọlé ọkọ, Kúnlé tó ti níyàwó, àti Dámilọ́lá tó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ilé yìí, tirẹ̀ ni. Ó lè pín in.

Bí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni yóò ṣáà jogún rẹ̀. Àṣà Yorùbá kì í yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Ohun tí yóò dun Dámilọ́lá ni pé ilé náà yóò di ti gbogbo wọn lápapọ̀ láìsí ẹni tó mọ ibi tí owó ilé ń gbà, owó báǹkì yóò sì há títí ilé-ẹjọ́ yóò fi fún ẹnìkan ní ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó súnmọ́ wọn jù ni yóò gba owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí báǹkì máa kàn sí ni, kì í ṣe ẹni tó jogún.

Fún ilé náà, Ìyá Bísí kọ ọ́ pé: “Mo fún àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé mi, ní ìpín kan náà fún oníkálukú.” Ó kọ àdírẹ́sì ilé náà bó ṣe wà lórí ìwé ilẹ̀, nítorí “ilé mi” nìkan lè dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ra òmíràn. Ó fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ tà á títí Dámilọ́lá yóò fi pé ọdún 18, àti pé owó tí ayálégbé bá ń san títí di ìgbà náà, ti ilé-ẹ̀kọ́ Dámilọ́lá ni. Ká ní ó kọ ọ́ pé ilé ẹbí ni kó jẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ní kóòtù ni pé kò sẹ́ni tó lè dá ìpín tirẹ̀ tà. Àwọn ìyá kan fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Lójú tèmi, ọmọ mẹ́ta tí oníkálukú ti ní ilé tirẹ̀ yóò rí ìpín tó dá dúró lò ju ilé ẹbí lọ.

Fún owó, kò kọ iye náírà. Bó bá kọ mílíọ̀nù méjì fún Bísí lónìí, tí àìsàn sì jẹ owó náà kó tó kú, ibo ni wọn yóò ti rí i? Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè àti owó ìsìnkú, kí wọ́n wá pín ohun tó bá kù sí ọ̀nà mẹ́rin: ìdá kan fún Bísí, ìdá kan fún Kúnlé, ìdá méjì fún Dámilọ́lá, nítorí pé àwọn méjì àkọ́kọ́ ti kàwé tán. Ó kọ ìdí yẹn sínú wíìlì náà. Òfin kò bi í, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ìyá fúnra rẹ̀. Ó tún kọ gbólóhùn kan fún gbogbo ohun tí kò dárúkọ, àti èyí tó bá ní lẹ́yìn náà: kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ ló gba ìrònú jù. Àbúrò Ìyá Bísí lóbìnrin, olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó yàn láti tọ́ Dámilọ́lá. Ó lọ bá a nílé, ó bi í kó tó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ẹnìkejì bí èyí kò bá lè ṣe é. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé gba òbí láàyè láti yan alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí àwọn ẹbí bàbá bá sọ pé ọmọ àwọn ni, kóòtù ni yóò dá a, ire ọmọ náà ni yóò sì kọ́kọ́ wò. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìyá kọ ìdí tó fi yan ẹni yìí: ọmọ ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ kọ́ ni yóò sì di owó ọmọ mú. Kúnlé àti ọ̀rẹ́ ìyá kan nínú ìjọ ni ó fi ṣe alámòójútó wíìlì. Àwọn ni yóò máa san owó ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ó sì fún àǹtí ní owó oúnjẹ àti aṣọ. Níbi tí ọmọ àti owó bá ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìṣirò.

Ibi tí wíìlì ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìbuwọ́lùwé. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí i bí Màmá ṣe ń fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Kí ọ̀kan wá láàárọ̀, kí èkejì wá nírọ̀lẹ́, kò tó. Bí ìyàwó Kúnlé bá ṣe ẹlẹ́rìí, wíìlì náà dúró, ṣùgbọ́n Kúnlé pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n fún un nínú rẹ̀. Aládùúgbò méjì tí kò ní nǹkan kan láti gbà ló dára. Ìyá tí kò mọ̀wé lè tẹ ìka, wọ́n sì lè kọ ọ́ ní Yorùbá, àmọ́ kí wọ́n kà á sí i létí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé wọ́n kà á, ó sì yé e. Bí ìyá bá jẹ́ Mùsùlùmí, kó kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀, torí nínú òfin Ìsìláàmù, ìpín àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ni èèyàn sì lè fi tọrẹ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún.

Wọ́n lè fi ìwé náà sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kí wọ́n gbé e fún ọ́fíìsì pírọ́bétì ní ilé-ẹjọ́ gíga. Kí àwọn alámòójútó mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Bí ọkàn Ìyá Bísí bá yí padà, kó má ṣe fi báírò fa ìlà sí i: àtúnṣe tí ẹlẹ́rìí méjì kò fọwọ́ sí kò ní àṣẹ. Bó bá sì fẹ́ ọkọ mìíràn ní kóòtù, wíìlì náà ti parẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, ó sì di dandan kó kọ tuntun.