Ìkéde Fúláàtì Oníyàrá Méjì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Lọ Wò Ó

"Fúláàtì oníyàrá méjì ní Ògbà, Ìkẹjà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní balùwẹ̀ tirẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò sì wà. Mítà tirẹ̀ dá wà, omi wà, géètì wà. Owó ilé: náírà 1,200,000 lọ́dún. Ẹ pe ajẹ́ǹtì láti dá ọjọ́ tí ẹ máa wá wò ó."

Àpẹẹrẹ ni mo fi eléyìí ṣe, ṣùgbọ́n bí ìkéde ilé ṣe máa ń rí l'Ékòó nìyẹn. Ó lè má sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ 1,200,000 yẹn kọ́ ni ẹ máa san kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Owó ilé nìkan ni. Ajẹ́ǹtì sábà máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 120,000, lọ́yà tó kọ ìwé àdéhùn náà a sì gba iye kan náà. Ká ní onílé tún béèrè 100,000 fún ohun tó bá bàjẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n, àti 120,000 lọ́dún fún ìmọ́tótó, ẹ̀ṣọ́ àti omi. Àpapọ̀ rẹ̀ di 1,660,000. Tó bá di ọdún kejì, bí wọn kò bá fi owó kún ilé, 1,320,000 ni ẹ máa san, nítorí owó ajẹ́ǹtì, ti àdéhùn àti kọ́ṣọ̀n kì í ṣe ti ọdọọdún. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ béèrè lórí fóònù, kí ẹ tó wọ mọ́tò, pé: "Èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, kí sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún?" Ajẹ́ǹtì tí kò bá lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ilé gbígbé, ti ọdún 2011, wà lẹ́yìn ayálégbé níbí. Ó ní onílé tàbí ajẹ́ǹtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó tún ní kí wọ́n kọ rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún kọ́ṣọ̀n àti owó ìtọ́jú ilé, pé ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Òfin yìí kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà.

Ọ̀rọ̀ wíwo ilé ló kù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ajẹ́ǹtì púpọ̀ máa ń gba owó àyẹ̀wò. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ṣáájú pé owó kan náà ni fún gbogbo ilé tó bá fi hàn yín, kó má jẹ́ pé ilé kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa sanwó lé lórí. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi fúnra yín. Bí àwọn ará ilé bá to kẹ́ẹ̀gì jọ sẹ́nu ọ̀nà, omi yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ní àbààwọ́n pupa bí ìpẹtà, irin pọ̀ nínú omi kànga ẹ̀rọ wọn, yóò sì ba aṣọ funfun jẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, nínú ilé àti lára fẹ́ǹsì: ilà tí omi fà síbẹ̀, tàbí ọ̀dà tuntun tó dúró sí ìsàlẹ̀ nìkan, máa ń jẹ́ àmì àgbàrá òjò.

Ti mítà, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná tó ni àdúgbò náà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní "Band A" ni àdúgbò, ó yẹ kí iná wà fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán, ṣùgbọ́n owó iná wọn ga. Ẹ padà lọ lálẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tajà lójú títì léèrè. Kò ní ìpín kankan nínú owó ajẹ́ǹtì.

Àwọn gbájúẹ̀ wà tó jẹ́ pé ilé tí wọ́n yá fún ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fi han èèyàn, tí wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀, tí wọ́n á sì sá lọ. Nítorí náà, yàtọ̀ sí owó àyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ kan títí ẹ ó fi rí onílé tàbí lọ́yà rẹ̀, tí ẹ ó sì ti bá ayálégbé kan nínú ọgbà náà sọ̀rọ̀. Àkáǹtì onílé ni kí ẹ san owó ilé sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì.