Nígbà Tí Nọ́ọ̀sì Fọwọ́ Lẹ́ẹ̀kan, Kí Là Ń Kà?

Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó bá padà sí ilé ẹ̀kọ́ láti tẹ̀ síwájú ló máa ń mú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ọwọ́ nínú wọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ohun tí wọ́n ń fojú rí lójoojúmọ́ ni, wọ́n sì mọ̀ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè gbé kòkòrò àrùn láti ibùsùn kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n bí àbá ìwádìí bá dé iwájú alábòójútó, irú ìbéèrè tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé: "Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ wọn dáadáa?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ bó ṣe wà yìí. Ẹnì kan lè gbọ́ "dáadáa" kó rò pé bóyá wọ́n ń fọwọ́ rárá là ń bi òun. Ẹlòmíràn á rò pé bí wọ́n ṣe pẹ́ tó nídìí ẹ̀rọ omi ni. Ẹlòmíràn á ní bóyá wọ́n mọ ìlànà rẹ̀ ni. Ìwádìí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tó le jù nínú irú àbá yìí ni kí olùwádìí pinnu ohun tó fẹ́ kà, àti iye tó fẹ́ fi pín in. Bí ìyẹn bá ti ṣe kedere, ìbéèrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀ tán.

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2009, àkókò márùn-ún ni wọ́n là sílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ tàbí kó fi sanitáísà ra á: kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kó tó ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò kò gbọ́dọ̀ bá wọnú ara, bíi gígún abẹ́rẹ́, lẹ́yìn tó bá ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara ti kàn án, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan ohun tó wà láyìíká aláìsàn, ì báà jẹ́ tábìlì tàbí irin ibùsùn, kódà bí kò kan aláìsàn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ọ̀sì kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wo bí ara aláìsàn tó wà ní ibùsùn kẹta ṣe gbóná tó, ó sì forí lé ibùsùn kẹrin. Ìdí méjì ló wà tó fi yẹ kó fọwọ́ níbẹ̀: ó ń fi aláìsàn kan sílẹ̀, ó sì fẹ́ kan òmíràn. Síbẹ̀, bí kò bá fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lójú ọ̀nà, fífọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ti tó fún méjèèjì, nítorí náà ìgbà kan ṣoṣo là ń kà. Ó fi sanitáísà ra ọwọ́. Ó dé ibùsùn kẹrin, ó di ọwọ́ aláìsàn mú láti ka ìlùkìkì ọkàn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ láìtún fọwọ́. Ìgbà kejì nìyẹn, ó sì kọjá lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kán sí ìbọ̀wọ́. Ó bọ́ ọ, ó jù ú nù, ó gba tábìlì wọn lọ láti kọ̀wé sí fáìlì. Ìgbà kẹta náà tún kọjá, nítorí ìbọ̀wọ́ kì í dípò fífọ ọwọ́.

Bó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ là ń kà, obìnrin yìí ti yege, torí ó fọwọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà tó yẹ kó fọwọ́ là ń kà, ẹyọ kan nínú mẹ́ta ló ṣe. Iṣẹ́ kan náà, ọwọ́ kan náà, èsì méjì tí kò bára mu. Ohun tí Àjọ náà ní ká máa kà ni iye ìgbà tí wọ́n fọwọ́, ká pín in fún iye ìgbà tó yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́, ká wá sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ìṣirò yìí ni Didier Pittet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Geneva, tí wọ́n fi lè sọ pé ìtẹ̀lé ìlànà lọ láti 48 nínú 100 lọ́dún 1994 sí 66 lọ́dún 1997. Ẹni tó bá kà á mọ ohun tí wọ́n kà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tún ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ṣe. Ká ní alábòójútó bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé, "Àwọn wo lo fẹ́ wò?" Ó ní, "Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni, mà." "Èwo nínú àkókò márùn-ún?" Ó ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. "Kí lo fẹ́ yí padà níbẹ̀?" Ó ní wọ́n á gbé ìgò sanitáísà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan. "Kí lo máa fi wé e?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ni. Ohun tó jáde nìyí:

"Láàárín àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ kan, ṣé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó kan aláìsàn yóò ga sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a gbé ìgò sanitáísà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú lọ, gẹ́gẹ́ bí olùwòye tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí i?"

Ó gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò níṣẹ́. Ẹ wo "gẹ́gẹ́ bí olùwòye ṣe rí i". Bí a bá yọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè pín fọ́ọ̀mù fún àwọn nọ́ọ̀sì kó bi wọ́n bóyá wọ́n ń fọwọ́, ohun tí ènìyàn sì ń sọ nípa fífọ ọwọ́ ara rẹ̀ sábà máa ń ga ju ohun tó ń ṣe lọ. Wíwo wọn náà ní ìṣòro tirẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun á túbọ̀ fọwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ọ̀nà ìwòye rí bákan náà ṣáájú àti lẹ́yìn, kí àwọn tí à ń wò sì ti mọ́ olùwòye lára kó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan.

Iye tí a máa wò náà ń tún ìbéèrè ṣe. Ìmọ̀ràn Àjọ náà ni ká wo nǹkan bí 200 ìgbà ní wọ́ọ̀dù kan, ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí ìtẹ̀lé ìlànà bá sún mọ́ ìdajì, 200 ìgbà lè ṣì fi èsì sílẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe bíi 7 lókè tàbí nísàlẹ̀, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì díẹ̀ kan náà là ń wò léraléra. Nítorí náà, ẹni tó ń retí àyípadà 5 péré kò gbọ́dọ̀ fi 200 ìgbà wá a. Kó wo púpọ̀ sí i, tàbí kó bi ìbéèrè mìíràn.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí nínú irú àbá báyìí: "Kí ló dé tí àwọn nọ́ọ̀sì kì í fi tẹ̀lé ìlànà?" Ìbéèrè yẹn ti dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí omi ẹ̀rọ kì í yọ, tí ọṣẹ ti tán, tí nọ́ọ̀sì kan ń bójú tó ọ̀pọ̀ aláìsàn lálẹ́, nọ́ọ̀sì tí kò fọwọ́ lè máà ní ohun tó máa fi fọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ èyí á fi kún fọ́ọ̀mù ìwòye rẹ̀ bóyá omi, ọṣẹ àti sanitáísà wà nítòsí ní ìgbà tó ń wo nọ́ọ̀sì náà. Bó bá sì rí i pé ìgò ṣófo ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ kejì, kó kọ ọ́ sílẹ̀, torí èsì ọ̀sẹ̀ yẹn kò lè sọ ohun tí ìgò tó kún ń ṣe.

Àyípadà ṣáájú àti lẹ́yìn nìkan kò sì tó láti sọ pé ìgò ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá tuntun dé, tàbí pé ìròyìn àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù yẹn. Bí wọ́ọ̀dù kejì bá wà nílé ìwòsàn náà tí a kò gbé ìgò sí, kí a wo ó lásìkò kan náà. Bí kò bá sí, kí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àbá jẹ́ "ga sí i lẹ́yìn tí a gbé ìgò síbẹ̀", kó má jẹ́ "ìgò ló gbé e ga".