Ibi tí Òfin Sáìnì Kò Dé

Ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan ní ẹ̀gbẹ́ mítà 30 àti mítà 50, igun àárín wọn sì jẹ́ 120°. Báwo ni ẹ̀gbẹ́ kẹta ṣe gùn tó? Òfin sáìnì ń fẹ́ igun kan pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́. A ò ní i. Kósáìnì ló kù:

c² = a² + b² − 2ab cos C

900 àti 2500 jẹ́ 3400. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: cos 120° jẹ́ −0.5, nítorí náà ńṣe la ó fi 1500 kún un. Ó di 4900, ẹ̀gbẹ́ náà sì jẹ́ mítà 70. Ẹni tó bá yọ 1500 yóò rí nǹkan bíi 43.6. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun tó fẹ̀ jù ló gbọ́dọ̀ gùn jù.