Bí A Ṣe Ń Ka Bakitéríà Alààyè Inú Omidùn

Nílé púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, wọn kì í da omi tó dúró lórí ògì nù. Òun ni omidùn. Òun ni wọ́n ń rẹ àgbo sí, òun náà ni àwọn ìyá wa ń bù fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ohun tó mú un kan ni bakitéríà, àwọn ohun alààyè tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Bí ẹnì kan bá wá béèrè pé mélòó nínú wọn ló wà láàyè nínú omidùn kan, báwo la ṣe fẹ́ kà wọ́n?

Maikirosikópù lè fi wọ́n hàn wá, ṣùgbọ́n àtòkú àtalààyè ni yóò fi hàn. Ẹ gbé omidùn kaná kó hó dáadáa, ẹ wá wò ó lábẹ́ maikirosikópù: ẹ ó ṣì rí wọn lọ súà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kú. Ẹni tó ń wá alààyè gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ, kó sì dúró. Èyí tó wà láàyè yóò pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, títí ọmọ ẹyọ kan á fi pọ̀ tó àmì funfun tí a lè fojú rí. Àmì yẹn là ń pè ní kọ́lọ́nì. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880. Jẹlatíìnì ló kọ́kọ́ ń lò, ṣùgbọ́n ooru máa ń yọ́ ọ. Obìnrin kan, Fanny Hesse, tí ọkọ rẹ̀ ń bá Koch ṣiṣẹ́, ló dábàá pé kí wọ́n lo ágà, ohun tó ń dì gbagidi, tí wọ́n ń rí lára koríko inú òkun, tí òun náà sì ti ń fi se oúnjẹ nílé. Ní 1887, Julius Petri ṣe àwo pẹlẹbẹ onídèérí tí a ṣì ń lò títí dòní.

Ìṣòro tó kù ni pé wọ́n pọ̀ jù. Omidùn tó ti kan dáadáa lè ní ju 100,000,000 bakitéríà lọ nínú mílílítà kan ṣoṣo, omi tí kò kún ṣíbí tíì kékeré. Tí a bá dà á sínú ágà bó ṣe wà yẹn, gbogbo ojú àwo á funfun, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Àfi ká bomi là á, ká sì mọ iye tí a fi là á gan-an.

Túùbù méje ni wọ́n á tò kalẹ̀, omi iyọ̀ mílílítà 9 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ gíráàmù 8.5 ni wọ́n ń pò mọ́ omi lítà kan, wọ́n á sì sè é nínú ìkòkò tó ń fi ooru há mọ́ ara rẹ̀, ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15, kí ohunkóhun tó wà láàyè nínú rẹ̀ kú tán. Omi lásán kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí pé ó máa ń ya wọ inú bakitéríà, àwọn kan á sì kú kí a tó kà wọ́n.

Wọ́n á mi omidùn náà dáadáa, wọ́n á fi pìpẹ́ẹ̀tì fa mílílítà 1 nínú rẹ̀, wọ́n á dà á sínú túùbù kìíní. Ó di mílílítà 10, nítorí náà ohun tó wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Wọ́n á mi ìyẹn náà, wọ́n á pààrọ̀ pìpẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fa mílílítà 1 látinú rẹ̀ sínú ìkejì. Ó di ìdá kan nínú 100. Ìkẹta á di ìdá kan nínú 1,000. Bí wọ́n bá fi máa dé ìkẹfà, ó ti di ìdá kan nínú 1,000,000.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fa mílílítà 1 látinú túùbù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje, àwo méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á da ágà lé e, irú èyí tí wọ́n ń pè ní MRS, tí de Man, Rogosa àti Sharpe gbé jáde ní 1960 fún àwọn bakitéríà tó ń mú oúnjẹ kan. Ágà náà gbọ́dọ̀ ti tutù dé nǹkan bí 45°C. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò pa lára àwọn tí a fẹ́ kà. Wọ́n á rọra yí àwo náà kó lè pò pọ̀. Nígbà tó bá dì, wọ́n á tún da ágà díẹ̀ bò ó lójú, torí àwọn bakitéríà yìí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, wọ́n á wá dojú àwo délẹ̀ nínú àpótí olóoru tó wà ní 30°C, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ kan. Ká ní àwo ti túùbù karùn-ún kún débi pé kò ṣeé kà. Ti ìkẹfà ní kọ́lọ́nì 168 nínú ọ̀kan, 182 nínú èkejì. Ti ìkeje ní 16 àti 19. Ìkẹfà ni a ó lò. Ìdajì àpapọ̀ 168 àti 182 jẹ́ 175, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000,000: ó di 175,000,000 nínú mílílítà omidùn kan.

Kí ló dé tí a kò lo ti ìkeje, tó rọrùn láti kà? Orí ẹyọ tí pìpẹ́ẹ̀tì bá fà mú ni. Níbi tí a ti rí 16, ó rọrùn kí ó jẹ́ 12 tàbí 20 bí a bá tún un fà, ìyẹn sì ti fi ìdá mẹ́rin yẹ̀. Níbi tí a ti rí 175, 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló sábà máa ń fi yẹ̀, kò sì tó ìdá mẹ́wàá. Ní ti àwo tó kún jù, àwọn kọ́lọ́nì á máa du oúnjẹ mọ́ra wọn lọ́wọ́, méjì á fara kọ́ra di ẹyọ kan, iye tí a kà á sì kéré sí òótọ́. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò fi ń gba àwo tó ní 30 sí 300 kọ́lọ́nì nìkan.

Síbẹ̀, àwo ìkeje kò ṣòfò. Òun ni ẹlẹ́rìí. Níwọ̀n bí 175 ti wà nínú ìkẹfà, ó yẹ kí nǹkan bí 17 wà nínú ìkeje, ohun tí a sì rí nìyẹn. Ká ní 90 la rí ni, a ó mọ̀ pé ẹnì kan kò pààrọ̀ pìpẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gbé bakitéríà túùbù kan lọ sínú èkejì. Àwo kan tún máa ń wà tí wọn kò da nǹkan mìíràn sí ju omi iyọ̀ àti ágà lọ. Bí kọ́lọ́nì bá hù níbẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bàjẹ́.

Àṣìṣe tí ẹlẹ́rìí yìí kò lè tètè fi hàn ni ti pìpẹ́ẹ̀tì tó ń fà dín. Bó bá ń fa 0.95 dípò 1, ó jọ pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn túùbù mẹ́fà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iye náà ti sọnù. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń fi òṣùwọ̀n yẹ pìpẹ́ẹ̀tì wò: mílílítà omi 1 gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù kan, tó bá yàtọ̀ kò gbọdọ̀ ju díẹ̀ kínkín.

Ká sì mọ ohun tí 175,000,000 ń sọ. Púpọ̀ nínú bakitéríà omidùn máa ń so kọ́ra wọn gbọọrọ. Bí mẹ́rin bá so pọ̀ wọ inú ágà, kọ́lọ́nì kan ni wọ́n máa di. Nítorí náà iye alààyè gan-an lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúkàrà náà ń gbé inú omidùn, ó sì lè hù lórí MRS. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á mú kọ́lọ́nì mẹ́wàá láìṣẹ̀ṣà, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pa orí gíláàsì, wọ́n á sì kán haidirójìn pẹrọ́kísáìdì lé e. Ti ìwúkàrà á hó fùrù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti bakitéríà tó ń mú ògì kan kò ní hó. Bí méjì nínú mẹ́wàá bá hó, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá 175,000,000 ni wọ́n á kọ sílẹ̀ fún àwọn bakitéríà náà, ìyẹn 140,000,000.